Àpótí mi pẹ́ ọjọ́ mẹ́fà kó tó dé Èkó: báwo ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà láti gba owó tí mo ná?

Màmá Tọ́míwá · 24/11/2025, aago 9:12 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìsìnkú ìyá ọkọ mi ló gbé mi láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo rà, àlọ àti àbọ̀, àmọ́ bàálù méjì ni mo wọ̀: ilé-iṣẹ́ kan gbé mi dé Yúróòpù, òmíràn gbé mi láti ibẹ̀ dé Èkó. Ọjọ́bọ̀ 6/11 ni mo balẹ̀, àpótí mi kò bá mi dé. Aṣọ ìsìnkú, bàtà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ọjọ́rú 12/11 ni wọ́n tó pè mí pé kí n wá gbé e ní Ìkẹjà, a sì ti sin ìyá láti Sátidé. Mo ti náwó gan-an. Ilé-iṣẹ́ kìíní ní kí n lọ bá èkejì, èkejì ní kí n padà lọ bá ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ìwé tí wọ́n fún mi ní pápákọ̀ wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà orí rẹ̀ ni LOSXX40718 (mo fi XX bo lẹ́tà méjì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà). Kí ni mo máa kọ, ta ni mo máa kọ ọ́ sí? Ẹ kọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, Tọ́míwá á tú u sí Gẹ̀ẹ́sì.

Àjànàkú_Mánsẹ́sítà · 24/11/2025, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú àṣẹyìndè mà, ẹ̀yìn ìyá á dára. Ẹ má da ara yín láàmú rárá. Ìwé PIR tí wọ́n fún yín yẹn gan-an ni ẹ̀sùn, ẹ ti fẹjọ́ sùn láti ọjọ́ tí ẹ balẹ̀. Òfin àgbáyé sì sọ pé 1,519 SDR, owó ìṣirò ti àjọ IMF, ni kí wọ́n san fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pẹ́. Ẹ ní kí wọ́n san án, ó parí. Kí lẹ fẹ́ fi rìsíìtì ṣe?

Bọ̀dé_Hústìn · 24/11/2025, aago 10:05 alẹ́

Màmá, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ti èmi náà, táyà méjì ni wọ́n yọ lára àpótí mi, ọwọ́ ìfà rẹ̀ sì ṣẹ́. Mo dé Hústìn, mo sùn, mo lọ ibi iṣẹ́, nígbà tí mo máa fi ráyè kọ̀wé sí wọn ó ti di ọjọ́ kẹwàá. Wọ́n ní ọjọ́ méje ni àyè mi, ó ti kọjá. Ẹ yára o! Ọjọ́ méje ni!

Màmá Tọ́míwá · 24/11/2025, aago 10:11 alẹ́

Yéè! Bọ̀dé, ọjọ́ kejìlá rèé tí mo gba àpótí. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Àgbà_Káńtà · 24/11/2025, aago 11:02 alẹ́

Kò tíì bọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá Tọ́míwá. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó ní ìdí káńtà ẹrù ní pápákọ̀ kan kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ẹjọ́ yín yìí sì wà lára ohun tí mo fi ń jẹun.

Ọjọ́ méje tí Bọ̀dé ń wí jẹ́ ti ẹrù tó bàjẹ́. Ẹrù tó pẹ́ ní tirẹ̀: ọjọ́ 21, wọ́n sì ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n fi ẹrù lé yín lọ́wọ́, kì í ṣe láti ọjọ́ tí bàálù balẹ̀. Ẹ gbà á ní 12/11, ọjọ́ kọkànlélógún á bọ́ sí 3/12. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá jẹ́ kó kọjá láìkọ nǹkan, kóòtù kankan kò ní gbọ́ ẹjọ́ yín mọ́, àfi tí ẹ bá lè fi hàn pé wọ́n lu jìbìtì. Inú Àdéhùn Mọ́ńtíréàlì ti 1999 ni èyí wà, ìlú Ọba àti Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i.

Àjànàkú, má bínú, ọ̀rọ̀ rẹ lè ná màmá lówó. PIR kì í ṣe ìwé gbèsè. Ìwé ìwákiri ni. Nígbà tí ẹrù kò bá jáde, àwa tá a wà ní káńtà á béèrè àwọ̀ àpótí, bó ṣe rí, nọ́ńbà táàgì, ibi tí ẹ máa wà, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú WorldTracer, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá ẹrù, kí pápákọ̀ yòókù lè máa wò ó. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà yẹn ni pápákọ̀ tí ẹ ti sùn, LOS ni Èkó. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ tó ṣí ìwé náà. Márùn-ún tó kù kàn jẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀. Kò sí ibì kankan lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ pé màmá ra nǹkan, tàbí pé ó ń béèrè owó. Báwo ló ṣe máa jẹ́ ẹ̀sùn owó, nígbà tí màmá kò tíì ná kọ́bọ̀ ní àkókò tí wọ́n kọ ọ́?

1,519 SDR náà, òtítọ́ ni pé ó wà. Láti 28/12/2024 ni iye náà ti rí bẹ́ẹ̀, 1,288 ni tẹ́lẹ̀. Àmọ́ òrùlé ni, kì í ṣe ilẹ̀. Wọn kò lè san jù ú lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi hàn pé ẹ pàdánù ni wọ́n máa san. Bí ẹ bá ná 100 pọ́n-ùn, 100 pọ́n-ùn ni.

Ọmọ_Agbẹjọ́rò · 24/11/2025, aago 11:31 alẹ́

Mo fara mọ́ Àgbà, pẹ̀lú àlàyé díẹ̀. Kóòtù ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ kan ní 2018, ti Finnair, pé nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá tẹ ẹ̀sùn èrò sínú kọ̀ǹpútà wọn, ó ti di kíkọ. Nítorí náà Àjànàkú kò ṣìnà pátápátá. Àmọ́ nínú ẹjọ́ yẹn, obìnrin náà ti sọ ohun tó sọnù àti iye rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ náà kó tó tẹ̀ ẹ́. Màmá kò sọ iye kankan ní káńtà. Èmi kò ní gbé ẹjọ́ lé orí ìyẹn nígbà tí ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣì wà nílẹ̀.

Àjànàkú_Mánsẹ́sítà · 24/11/2025, aago 11:38 alẹ́

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi gba owó gọbọi lọ́dún tó kọjá láìfi ìwé kankan sílẹ̀ o.

Àgbà_Káńtà · 24/11/2025, aago 11:50 alẹ́

Ó ṣeé ṣe kí ti ọ̀rẹ́ rẹ sọnù pátápátá. Ẹrù tí kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 21, wọ́n kà á sí èyí tó sọnù, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀.

Ní ti ẹni tí ẹ máa kọ̀wé sí: wọ́n ń fi yín gbá bọ́ọ̀lù ni. Àdéhùn náà gbà kí èrò mú ẹni tó gbé e gbẹ̀yìn, ó gbà kó mú ẹni tó gbé e ṣáájú, ó sì gbà kó mú ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fi pẹ́. Àwọn náà ni kí wọ́n lọ pín in láàárín ara wọn. Níbi iṣẹ́, ẹni tó gbé èrò gbẹ̀yìn ló sábà máa ń dá a lóhùn, torí òun ló ṣí PIR. Ẹ wo lẹ́tà méjì yẹn dáadáa: ṣé ti ilé-iṣẹ́ tó gbé yín dé Èkó ni?

Màmá Tọ́míwá · 25/11/2025, aago 6:20 àárọ̀

Tiwọn ni sà. Ẹ ṣé gan-an, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kun ojú mi ni lálẹ́ àná. Ohun tí mo ná rèé, bí mo ṣe rántí:

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ 6/11, mo ra àwọ̀tẹ́lẹ̀, aṣọ ìsùn, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti ìpara ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìkẹjà, 38,500 náírà, rìsíìtì wọn jẹ́ ti ẹ̀rọ. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ mo ra oògùn mi, páálí kan, 22,000, rìsíìtì wà. Mo gba Balógun lọ, mo ra léèsì 85,000. Léèsì yẹn gan-an ni àwọn ẹbí mú, irú rẹ̀ tí mo ti rán ló wà nínú àpótí. Bílẹ́ẹ̀dì ìwé tí ìyá oníléèsì fi bíírò kọ ló fún mi. Bàtà àti báàgì 45,000, POS ni mo fi san. Télọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde fi gbogbo òru rán an, 40,000, tiransífà ni, kò sí ìwé kankan. Iyùn 180,000, torí iyùn mi wà nínú àpótí. Ní 12/11, takisí láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ gbé àpótí ní Ìkẹjà àti àbọ̀, 30,000, awakọ̀ kọ rìsíìtì fún mi.

Ẹ̀gbọ́n_Wáyá · 25/11/2025, aago 7:03 àárọ̀

Sìsí, ìyá oníléèsì yẹn ṣáà wà ní Balógun. Ẹ ní kó kọ òmíràn, kó sọ ọ́ di 250,000. Ta ló máa lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn náà ti fìyà jẹ yín tó.

Ọmọ_Balógun · 25/11/2025, aago 7:45 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kó bá ọlọ́jà. Èmi ń ta aṣọ, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa ń pe nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: ẹnì kan pè láti òkè òkun, ó béèrè bóyá èmi ni mo ta aṣọ kan fún obìnrin kan àti iye rẹ̀. Mo sọ iye tí mo tà á. N kò mọ ohun tí oníbàárà ti lọ kọ.

Màmá, ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ oníléèsì yín ni kó kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà fóònù, irú aṣọ, yáàdì mélòó, iye, orúkọ yín. Tí ó bá jẹ́ pé lónìí ló kọ ọ́, kó kọ déètì òní, kó sì sọ pé ọjà tí òun tà ní 7/11 ni. Kó má kọ 7/11 lórí ìwé tí kò tíì ju ọjọ́ kan lọ.

Àgbà_Káńtà · 25/11/2025, aago 8:30 àárọ̀

Ọlọ́jà ti sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹni tó ń yẹ ìwé wò kì í ka rìsíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka bíbélì. Ó ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá rí ẹyọ kan tí kò dá a lójú, gbogbo èyí tó kù ló máa fura sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ yọ iyùn kúrò. Ilé-iṣẹ́ tó pọ̀ ló kọ ọ́ sínú àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì pé àwọn kò gba ohun ẹ̀ṣọ́ nínú ẹrù tí wọ́n kó sábẹ́ bàálù, wọ́n á sì ní ẹ lè yá ti ẹlòmíràn lò lọ́jọ́ kan. Ohun tó tó 180,000 níbi tí gbogbo yòókù kò pé 300,000, òun ni wọ́n máa fi dá yín dúró.

Sìsí_Ìjẹ̀bú · 25/11/2025, aago 9:10 àárọ̀

Ẹ dákun bàbá, ìyàwó ilé wo ló ń jáde níbi òkú ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú láìsí iyùn lọ́rùn? Ọ̀ràn-an-yàn ni níbẹ̀. Ẹ ní kó yá? Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé yòókù tí wọ́n máa fi pòwe fún un títí Ọdún Tuntun?

Àgbà_Káńtà · 25/11/2025, aago 9:22 àárọ̀

Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ń ka ìwé náà ni kò mọ̀. Kí ìyá Tọ́míwá yàn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé tó kù. Rìsíìtì POS yín, ẹ wò ó bóyá ó ti ń ṣí. Bébà náà kò ní yíǹkì, ooru ló ń kọ ọ́, ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì fún oṣù kan, á funfun báláú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì wá ojú ìwé báńkì tó fi ọjọ́ yẹn hàn. Ti télọ̀, alẹ́ẹ̀tì tiransífà ń fi ẹni tó gba owó hàn, kò fi ohun tó ṣe hàn. Ẹ ní kó kọ ìlà mẹ́ta: mo rán bùbá àti ìró léèsì fún Màmá Báyìí, ní òru 7/11 mọ́jú 8/11, mo gba 40,000, nọ́ńbà mi nìyí. Kó fi déètì òní sí i bí Ọmọ_Balógun ṣe wí. Ẹ so ó mọ́ alẹ́ẹ̀tì náà.

Oògùn: ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má yà yín lẹ́nu tí wọ́n bá sọ pé oògùn kì í gbé inú àpótí tó lọ sábẹ́. Òótọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa wí. Páálí kan ṣoṣo lẹ rà, fún ọjọ́ tí ẹ kò ní oògùn lọ́wọ́, ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

Màmá Tọ́míwá · 25/11/2025, aago 1:15 ọ̀sán

Mo yọ iyùn náà. Kò dùn mọ́ mi, àmọ́ mo yọ ọ́. Télọ̀ ti fi ìwé ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù. POS náà, Àgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù tó hàn! Mo ti rí i lójú ìwé báńkì ṣá. Ó ku lẹ́tà.

Àgbà_Káńtà · 25/11/2025, aago 7:48 alẹ́

Ẹ gbà á. Níbi tí mo bá fi àmì mẹ́ta sí, ẹ fi tiyín dí i. Nọ́ńbà táàgì wà lórí páálí kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìwọkọ̀ yín ní Lọ́ńdọ̀nù, oníbàákóòdù ni.

> Sí: Ẹ̀ka Ẹ̀sùn Ẹrù, Ilé-iṣẹ́ …
> Ẹ̀dà: Ilé-iṣẹ́ … (tó gbé mi láti Lọ́ńdọ̀nù)
> Ọjọ́: 25/11/2025
>
> Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ: Owó tí mo ná nítorí ẹrù tó pẹ́ dé. PIR: LOSXX40718. Tíkẹ́ẹ̀tì: … Táàgì: …
>
> Ẹ̀yin Ọ̀gá,
>
> Mo wọ bàálù yín, nọ́ńbà …, mo sì dé Èkó ní 6/11/2025. Àpótí mi kan ṣoṣo, aláwọ̀ búlúù, kò dé. Mo sùn ní káńtà yín kí n tó kúrò ní pápákọ̀, wọ́n sì fún mi ní ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Wọ́n fi àpótí náà lé mi lọ́wọ́ ní 12/11/2025. Mo ń kọ lẹ́tà yìí láàárín ọjọ́ 21 tí Abala 31 Àdéhùn Mọ́ńtíréàlì yọ̀ǹda, mo sì ń béèrè owó lábẹ́ Abala 19.
>
> Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, n kò ní aṣọ kankan ní Nàìjíríà. Ìsìnkú ìyá ọkọ mi ní 8/11/2025 ni mo bá lọ. Ohun tí mo rà nítorí pé àpótí náà kò sí lọ́wọ́ mi nìyí:
>
> Rìsíìtì 1, 6/11: àwọ̀tẹ́lẹ̀, aṣọ ìsùn àti ohun ìwẹ̀, 38,500 náírà.
> Rìsíìtì 2, 7/11: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, páálí kan, 22,000.
> Rìsíìtì 3, 7/11: léèsì tí ẹbí yàn fún ìsìnkú, 85,000. Irú rẹ̀ kan náà tí mo ti rán wà nínú àpótí.
> Rìsíìtì 4, 8/11: owó ìránṣọ léèsì náà, 40,000. Ìwé télọ̀ àti ìwé báńkì wà pẹ̀lú rẹ̀.
> Rìsíìtì 5, 7/11: bàtà àti báàgì, 45,000. Ìwé báńkì.
> Rìsíìtì 6, 12/11: takisí láti lọ gbé àpótí, àlọ àti àbọ̀, 30,000. Òṣìṣẹ́ yín ló ní kí n wá gbé e.
>
> Àròpọ̀: 260,500 náírà.
>
> Ẹ jọ̀wọ́ ẹ san án ní pọ́n-ùn sínú àkáǹtì mi, ní iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí mo ná owó kọ̀ọ̀kan. Iye tí báńkì mi lò wà nínú ìwé tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 28. Mo so ẹ̀dà PIR, ìwé ìwọkọ̀, táàgì, ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo gba àpótí àti rìsíìtì 1 dé 6 mọ́ ọn.
>
> Èmi ni tiyín, …

Ẹ fi nọ́ńbà kọ sórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú lẹ́tà. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò nílé yín. Bí ojú-òpó wọn bá ní fọ́ọ̀mù, ẹ fi ránṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì tún fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì, kí ẹ ya fọ́tò síkíríìnì níbi tó ti sọ pé ó ti wọlé, kí déètì hàn. Ọjọ́ 28 yẹn kì í ṣe òfin, èmi ni mo fi síbẹ̀ kí wọ́n má bàa fi í sílẹ̀ títí ayé.

Bọ̀dé_Hústìn · 25/11/2025, aago 8:15 alẹ́

Kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́ pé ìyà jẹ màmá, pé ó sunkún, pé ojú tì í láàárín ẹbí? Èmi ì bá kọ ojú ewé méjì.

Àgbà_Káńtà · 25/11/2025, aago 8:27 alẹ́

O kọ ojú ewé méjì nípa táyà àpótí, ẹni tó kà á kò sì rí ju ọjọ́ kẹwàá lọ. Gbólóhùn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú lẹ́tà yẹn: Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, n kò ní aṣọ ní Nàìjíríà. Ká ní àbọ̀ ni ẹrù náà ti pẹ́, tí màmá ti wà nílé rẹ̀, wọ́n á ní aṣọ rẹ̀ wà nílé, kí ló ń ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí?

Màmá Tọ́míwá · 26/11/2025, aago 7:00 àárọ̀

Ó ti lọ. Fọ́ọ̀mù àti ímeèlì, méjèèjì. Ẹ̀dà lọ sí ilé-iṣẹ́ kìíní náà. Ọlọ́run á ṣe é sà, ẹ ẹ̀ ní rí ogun ẹrù.

Màmá Tọ́míwá · 9/1/2026, aago 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Wọ́n ti dáhùn. Wọ́n gba ti ohun ìwẹ̀, oògùn àti takisí pátá, wọ́n sì ní ìdajì ni àwọn máa san lórí léèsì àti bàtà torí wọ́n ti di tèmi. Ti télọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ohun tí mo rà. Àpapọ̀ 155,500 náírà, wọ́n á sì yí i sí pọ́n-ùn. Wọ́n fi ìwé kan sí i kí n fọwọ́ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wa. Àìfọwọ́sí rẹ̀, kò sí owó.

Àjànàkú_Mánsẹ́sítà · 9/1/2026, aago 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fọwọ́ sí i mà, ẹ gba owó. Ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ ni ẹyẹ.

Àgbà_Káńtà · 9/1/2026, aago 8:04 alẹ́

Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, 105,000 tó kù ti di ìtàn. Ìdajì orí aṣọ, àwa náà máa ń ṣe é ní káńtà, àṣà ibi iṣẹ́ ni, àmọ́ kò sí nínú Àdéhùn. Ìdí tí wọ́n ń mú wá ni pé ẹ ṣì máa wọ aṣọ náà. Ẹ dá wọn lóhùn pé léèsì náà jẹ́ ìkejì irú èyí tó wà nínú àpótí yín. Aṣọ ẹbí òkú kan náà, méjì, kí ni èèyàn fẹ́ fi ìkejì ṣe? Ti télọ̀, ẹ sọ pé léèsì tí a kò rán kì í ṣe aṣọ. Bàtà àti báàgì, mo máa gba ìdajì tó bá jẹ́ èmi, ẹ ó ṣì lò wọ́n.

Sìsí_Ìjẹ̀bú · 9/1/2026, aago 8:20 alẹ́

Ó lè tà á! Ẹni tó bá fẹ́ ra léèsì tí wọ́n ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan pọ̀ lórí Ínsítágíráàmù.

Ọmọ_Agbẹjọ́rò · 9/1/2026, aago 8:41 alẹ́

Àwọn náà máa sọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ kan sì lè gbà fún wọn. N kò rí i kó dájú síbì kan. Ohun tó dájú ni pé ọdún méjì ni ẹ ní láti lọ sí kóòtù, ẹ kà á láti ọjọ́ tí bàálù dé. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni, nítorí náà Lọ́ńdọ̀nù ni òpin ìrìn àjò yín lójú òfin, kóòtù ẹjọ́ kékeré ibẹ̀ lè gbọ́ ọ. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ gba 155,500 gẹ́gẹ́ bí apá kan owó yín, pé kí wọ́n yọ gbólóhùn "ọ̀rọ̀ ti parí" yẹn kúrò. Kí ẹ sì wo iye tí kóòtù ń gbà láti ṣí fáìlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé 105,000 náírà.

Màmá Tọ́míwá · 10/1/2026, aago 5:58 àárọ̀

Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: mo fi ìdajì bàtà sílẹ̀, mo di léèsì àti télọ̀ mú, 82,500 ni mo ṣì ń béèrè. Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ sí i kí n sinmi. Mo ní ìyá rẹ̀ ni mo wọ aṣọ náà sin.